Ìwé àyẹ̀wò ní ṣúgà Màámi ti wálẹ̀, ẹ̀rọ ilé ní rárá

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Owó tí a ná sórí àyẹ̀wò kan tí kò lè sọ òótọ́ nípa Màámi láéláé ju owó oògùn wọn lọ, kò sì sí ẹni tó bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí ì bá gbà wá lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀: kí ni jẹ́nótáìpù wọn? Àyẹ̀wò tí mò ń sọ ni HbA1c, èyí tí àwọn dókítà fi ń mọ bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ti rí ní ìpíndọ́gba láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn.

Ó pẹ́ tí Màámi ti ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n ń lo métífọ́mìn, wọ́n ń ṣọ́ ẹnu, èmi sì ni mò ń bá wọn gún ìka tí mo sì ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé. Mi ò ní tún máa ṣàlàyé bí a ṣe ń gún ìka, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ náà nílé ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó wà nínú ìwé mi ni pé láàárọ̀, kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan kan, ṣúgà wọn máa ń wà láàárín 150 sí 170. Ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, ó máa ń tó 220, nígbà mìíràn 240. Mílígíráàmù nínú desilítà ẹ̀jẹ̀ kan ni ẹ̀rọ wa fi ń kà á. Wọ́n ń jí tọ̀ lóru léraléra, òùngbẹ ò sì jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn.

Ni èsì HbA1c bá dé: 5.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 6.5 lọ sókè ni wọ́n ń pè ní àtọ̀gbẹ, 5.7 sí 6.4 ni ti ẹni tó ti ń sún mọ́ ọn. Ẹni tí nǹkan kan ò ṣe ló ni 5.4. Dókítà yọ̀, ó kí Màámi kú iṣẹ́, ó sì dín métífọ́mìn wọn kù sí ìdajì. Mo gbé ìwé mi sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ilé máa ń ṣàṣìṣe, ti láàbù ni ká gbà.

Mi ò gbà. Ní ọjọ́ tí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ ṣúgà òwúrọ̀ wọn ní láàbù, mo gún ìka wọn níbẹ̀ gan-an, kí abẹ́rẹ́ tó wọ iṣan. Ẹ̀rọ mi kà 158, láàbù kà 161. Ẹ̀rọ mi ò ṣàṣìṣe. Mo tún wá ìṣirò tí wọ́n fi ń yí HbA1c padà sí ìpíndọ́gba ṣúgà:

```
28.7 × HbA1c − 46.7
28.7 × 5.4 − 46.7 = 108.3
```

Ẹ wò ó dáadáa. Èsì yẹn ń sọ pé ìpíndọ́gba ṣúgà Màámi jẹ́ 108. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀, nọ́ńbà tó kéré jù lọ ju 108 lọ fíìfíì. Báwo ni ìpíndọ́gba ṣe máa kéré sí èyí tó kéré jù lọ nínú ohun tí a pín? Òótọ́ ni pé ìka tí a ń gún ò lè rí gbogbo wákàtí ọjọ́, nítorí náà ìpíndọ́gba tèmi náà kì í ṣe àrídájú. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín wọn pọ̀ ju ohun tí èyí lè fà. Bí ṣúgà wọn bá ń lọ sí bí 190 ní ìpíndọ́gba, ó yẹ kí HbA1c wọn lé ní 8.

Mo mú wọn lọ sí láàbù mìíràn kí wọ́n tún un ṣe. Ibẹ̀ ni wàhálà gidi wà. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbowó. Nígbà tí a padà lọ gba èsì, ibi tó yẹ kí nọ́ńbà wà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀jẹ̀ náà kò ṣeé ròyìn. Kò sí àlàyé kankan. Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú ní ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ náà ti dì, ká jẹ́ kí wọ́n fa òmíràn. Wọ́n fa òmíràn, a tún sanwó. Èsì kan náà. Wọ́n ní ìgò ni kò dára. Màámi, tí iṣan wọn kì í tètè rí, ti fi apá wú nítorí abẹ́rẹ́, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ pa wọ́n lára.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àlejò kì í wọ inú yẹn. Mo béèrè pé ṣé ẹ̀rọ wọn ò ka ẹ̀jẹ̀ náà ni, àbí ó kà á, ó wá rí ohun tí kò bára mu? Kò sí ẹni tó lè dáhùn. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, nítorí ìdáhùn wà lórí ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọn ò kàn fi hàn wá ni. Wọ́n jẹ́ kó dà bíi pé ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ló bàjẹ́.

Mo kọ̀, mi ò kúrò. Nígbà tó yá, bàbá kan tó jẹ́ ọ̀gá láàbù jáde wá. Ó mú ìwé lọ́wọ́.

"Ta ló ni ẹ̀jẹ̀ yìí?"

"Màámi ni, sà."

"Kí ni jẹ́nótáìpù wọn?"

"Wọn ò ṣe é rí, sà."

"Tìẹ ńkọ́?"

"AS ni, sà. Àbúrò mi jẹ́ AC. Bàbá wa jẹ́ AA."

Bàbá náà wò mí. "Ibo lo wá rò pé o ti rí S, níbo sì ni àbúrò rẹ ti rí C?"

Orí mi wú. Bàbá wa kò ní nǹkan kan tí wọ́n lè fún wa ju A lọ. Màámi ni wọ́n fún mi ní S, àwọn náà ni wọ́n fún àbúrò mi ní C. Méjì péré sì ni ènìyàn máa ń ní. SC ni Màámi! Egungun tó ń dùn wọ́n láti ìgbà èwe, tí gbogbo ilé ń pè ní làkúrègbé, ó ní ìdí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ́ SC ló ń dàgbà láìmọ̀, nítorí ara wọn sábà máa ń le ju ti SS lọ.

Bàbá náà tẹ́ ìwé náà fún mi. Hẹmoglóbínì ni èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí lẹ́tà jẹ́nótáìpù ń tọ́ka sí. Ẹ̀rọ tiwọn máa ń ya oríṣiríṣi rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú sì ń yọ gongo lórí àwòrán ní àyè tirẹ̀. Ní àyè A, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Gongo ńlá méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ní àyè S, èkejì ní àyè C. HbA1c sì ni ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ hẹmoglóbínì A. Ẹni tí kò ní A, kò lè ní HbA1c. Ẹ̀rọ náà kò ṣe àṣìṣe kankan. Ó sọ òótọ́, àwọn ènìyàn ni kò túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Láàbù àkọ́kọ́ wá ńkọ́, níbo ni 5.4 ti wá? Ẹ̀rọ tibẹ̀ ń lo áńtíbọ́dì tó ń di ṣóńṣó hẹmoglóbínì mú, níbi tí ṣúgà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ tó sọ A di S tàbí C wà ní àyè kẹfà láti ṣóńṣó náà, nítorí náà áńtíbọ́dì náà lè gbá a mú láìmọ ìyàtọ̀, kó sì yọ nọ́ńbà jáde láìkìlọ̀.

Nọ́ńbà yẹn ò sì lè tọ̀nà, ẹ̀rọ yòówù kó yọ ọ́. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa máa ń lo bí 120 ọjọ́ nínú ara, ṣúgà sì ń lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, bí eruku ti ń bà lé aṣọ tí a sá síta. Ti ẹni tó jẹ́ SC kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó fọ́, ti SS kò tilẹ̀ ju bí ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún lọ. Bí ó ti wù kí ṣúgà pọ̀ tó, sẹ́ẹ̀lì kò dàgbà tó kó lè gbà á. Ẹ̀jẹ̀ Màámi kún fún ṣúgà, àmọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a fi ń wọ̀n ọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Kí ẹni tó jẹ́ AS bíi tèmi má tìtorí èyí fòyà. A ní A dáadáa, sẹ́ẹ̀lì wa sì ń pé ọjọ́ rẹ̀. Ohun tó yẹ ká béèrè ni bóyá S máa ń da ẹ̀rọ tí láàbù náà ń lò rú, nítorí ó ń da àwọn kan rú, kò sì ṣe àwọn mìíràn ní nǹkan kan. Ìdàkejì rẹ̀ náà wà: àìtó áyọ́ọ̀nù nínú ẹ̀jẹ̀ lè gbé HbA1c sókè nígbà tí ṣúgà ò kúrò lójú kan, bí aláìsàn bá sì bẹ̀rẹ̀ oògùn áyọ́ọ̀nù, sẹ́ẹ̀lì tuntun á ya wọlé, nọ́ńbà á sì wálẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ló ń yẹ̀ wò.

Ohun tí bàbá náà ní ká ṣe dípò rẹ̀ ni fúrúkútósámìnì. Púrótéènì inú omi ẹ̀jẹ̀ ni ìyẹn ń wò, pàápàá álíbúmìnì, kò kan sẹ́ẹ̀lì pupa. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta péré ló ń sọ nípa rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa wáyé lóòrèkóòrè. Ẹ ní kí wọ́n wọn álíbúmìnì lọ́jọ́ kan náà, nítorí bí kíndìnrín bá ń jo ó dànù tàbí tí ẹ̀dọ̀ ò ṣe é tó, fúrúkútósámìnì náà á tan yín jẹ. Álíbúmìnì Màámi pé. Fúrúkútósámìnì wọn jẹ́ 390, nígbà tí òkè ààlà láàbù náà jẹ́ 285. Àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù sì jáde: SC, bí a ti ṣírò rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ bá dókítà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dá métífọ́mìn padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, ó fi oògùn kejì kún un. Ó tún ní kí wọ́n lọ rí dókítà ojú kíákíá, nítorí àtọ̀gbẹ lè ba ẹ̀yìn ojú jẹ́, SC náà sì lè bà á jẹ́ fún ara rẹ̀, Màámi sì ní méjèèjì. Mi ò mọ̀ bóyá n ó ti rántí ojú bí wọn ò bá sọ ọ́. Ẹni tó bá ní irú aláìsàn yìí nílé, kó má dúró dìgbà tí ojú bá ń ṣe bàìbàì.

Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí iwájú fáìlì wọn pé SC ni, kí ẹnikẹ́ni má fi HbA1c díwọ̀n ṣúgà wọn mọ́. Síbẹ̀, wọ́n tún sàmì sí HbA1c lórí fọ́ọ̀mù tó tẹ̀lé e. Mo ní kí nọ́ọ̀sì fagi lé e kí a tó sanwó. Fúrúkútósámìnì tí a ṣe kẹ́yìn ti bọ́ sí 310, ṣúgà òwúrọ̀ wọn sì wà ní bí 130 nínú ìwé mi. Lọ́tẹ̀ yìí, láàbù àti ẹ̀rọ ilé ń sọ ohun kan náà.