Bí Mo Ṣe Kó Oògùn Màmá Mi Láti Àbújá Dé Tòróńtò

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin tó wà ní Tòróńtò bímọ, Màmá ní àwọn á lọ bá a wẹ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 68. Ó pẹ́ tí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá wọn fínra, èmi tí mo ń gbé pẹ̀lú wọn ní Kúbúwà ni mo sì ń bójú tó oògùn wọn. A pinnu pé màá sìn wọ́n dé ọ̀hún, kí n sì padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Láti Àbújá dé Káírò tó bíi wákàtí márùn-ún nínú bàálù, láti Káírò dé Tòróńtò sì ju wákàtí mọ́kànlá lọ. Ínsúlìnì tí a máa gbé la gbogbo ìrìn yẹn já ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti oṣù kan ṣáájú.

Mo kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí wọ́n máa lò. Yúníìtì 20 ni Màmá ń gún lálaalẹ́, wọ́n sì máa ń tú yúníìtì 2 dànù kí wọ́n tó gún un, láti rí i pé abẹ́rẹ́ náà kò dí. 22 nìyẹn lálẹ́ kan. Pẹ́ẹ̀nì ínsúlìnì kan, ìyẹn ohun tó rí bíi bírò tí ínsúlìnì ti wà nínú rẹ̀, gba yúníìtì 300, nítorí náà ó tó wọn fún alẹ́ 13. Ọjọ́ 70 ni wọ́n fẹ́ lò, mo fi ọjọ́ 10 kún un nítorí bàálù lè yẹ̀, ẹni tó ń padà bọ̀ sì lè ṣàìsàn. Pẹ́ẹ̀nì mẹ́fà á gbé wọn dé alẹ́ 78 péré, ni mo bá mú un ní méje. Bí mo ṣe ṣírò mẹtifọ́mìnì, hóró oògùn àtọ̀gbẹ wọn, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn náà, ọjọ́ 80 fún ìkọ̀ọ̀kan. Mi ò jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé Kánádà kì í fẹ́ kí arìnrìn-àjò kó oògùn tí dókítà kọ wọlé kọjá èyí tó máa lò fún 90 ọjọ́.

Ìwé dókítà ló gba àkókò jù. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ fún wa kò ju ìlà mẹ́ta lọ: pé Màmá ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Kò sí orúkọ oògùn, kò sí iye. Nígbà tí mo tún wò ó dáadáa, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni orúkọ tó wà lórí káàdì ilé ìwòsàn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ìyẹn orúkọ bàbá wọn, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ ọkọ ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Bí aṣọ́bodè kan bá gbé ìwé méjèèjì síra, ohun tó máa rò ni pé oògùn ẹlòmíì la gbé. Mo padà lọ pẹ̀lú ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́, mo sì bẹ dókítà kó tún un kọ.

Ìwé kejì ló péye. Lórí ìwé tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì ilé ìwòsàn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, pẹ̀lú orúkọ Màmá bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, ọjọ́ ìbí wọn, ọjọ́ tí a máa lọ àti ọjọ́ tí wọ́n máa padà. Lábẹ́ ìyẹn ni oògùn kọ̀ọ̀kan wà: orúkọ oògùn gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi ń tà á, torí pé orúkọ títà máa ń yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, bó ṣe le tó, bí wọ́n ṣe ń lò ó, àti iye tí a gbé dání. Wọ́n kọ ọ́ ní gbólóhùn tirẹ̀ pé abẹ́rẹ́ ínsúlìnì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú wọn nínú bàálù. Dókítà buwọ́ lù ú, ó kọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ó sì lu òǹtẹ̀. Mo ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, mo tún ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù èmi àti Màmá.

Ibi tí a ti ń to orúkọ oògùn yìí ni ọ̀rọ̀ tiramadọ́ọ̀lù ti jáde. Màmá mú ọ̀rá kékeré kan jáde nínú àpamọ́wọ́, wọ́n ní, "Èyí ni mo máa ń lò tí orúnkún bá dà mí láàmú. Ẹ bá mi kọ ọ́ mọ́ ọn." Dókítà wo inú ọ̀rá náà, ó bi wá pé ibo la máa gbà. Mo ní Káírò. Ó ní, "Ẹ má gbé e rárá, Màmá." Lọ́dún 2017, wọ́n mú obìnrin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pápákọ̀ òfuurufú Íjíbítì pẹ̀lú 290 hóró tiramadọ́ọ̀lù, ilé ẹjọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Obìnrin náà ní oògùn ẹ̀yìn ríro tí òun ń mú lọ fún ọkọ òun ni. Mo ní a kò ní jáde ní Káírò, a kàn máa pààrọ̀ bàálù ni. Dókítà bi mí pé tí bàálù kejì bá fi wá sílẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n bá ní ká lọ sùn sí ìlú? Nígbà yẹn, àwa àti ẹrù wa ti wọ ilẹ̀ Íjíbítì nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka orílẹ̀-èdè tí a máa gbà kọjá mọ́ ibi tí a ń lọ. Parasitamọ́ọ̀lù ni Màmá gbé fún orúnkún wọn.

Ọ̀rá náà tún ṣí mi lójú sí ohun mìíràn. Báwa ṣe ń ra oògùn nílẹ̀ yìí, oníkẹ́mísì á gé páálí oògùn sí méjì, á kó o sínú ọ̀rá, á fi bírò kọ "1 láàárọ̀, 1 lálẹ́" sí i lára. Tó bá ti gé e, orúkọ oògùn àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lè wà lára ìdajì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn tí kò lórúkọ lójú òṣìṣẹ́ NDLEA ní pápákọ̀ Àbújá, oògùn ìfura ni. Mo lọ sí fámásì kan ní Wúsè, mo ra odindi páálí tí nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n lẹ ìwé tó ní orúkọ Màmá mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo pa rìsíìtì mọ́. Àgúnmu tí Màmá dì sínú ìgò kò bá wa lọ. Ó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí mo lè fi gbà á sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìtutù ńkọ́? Ínsúlìnì tí a kò tíì ṣí, inú fíríìjì ló yẹ kó wà, láàárín dígíríì 2 sí 8. Ṣùgbọ́n irú tí Màmá ń lò yìí lè wà níta fún ọjọ́ 28 tí ooru ibẹ̀ kò bá ju 30 lọ. Ọjọ́ kan àbọ̀ tí a máa lò lójú ọ̀nà kò lè pa á. Ohun méjì ló lè pa á: oòrùn Àbújá nínú mọ́tò, àti dídì. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo dán an wò pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo tì í sínú báàgì atutù kékeré pẹ̀lú yìnyín inú ọ̀rá láti inú fírísà, mo sì gbé e sínú mọ́tò. Nígbà tí mo ṣí i, ẹ̀gbẹ́ pẹ́ẹ̀nì tó kan yìnyín ti dì. Mo dà á nù. Ínsúlìnì tó bá ti dì kò ṣeé lò mọ́, kódà bó bá yọ́ padà tó sì mọ́ gaara bí omi, torí ojú lásán kò lè mọ̀ pé agbára rẹ̀ ti lọ. Nígbà kejì, inú fíríìjì ni mo fi ọ̀rá náà sí dípò fírísà, mo fi táwẹ́ẹ̀lì yí i, mo sì fi tẹmómítà sáàárín àwọn pẹ́ẹ̀nì. Fún wákàtí mẹ́fà, kò kọjá 22.

Ìdí nìyẹn tí ínsúlìnì kankan kò fi wọ inú àpótí ńlá tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ bàálù. A kò lè mọ bí ibẹ̀ ṣe máa tutù tó, àpótí náà sì lè sọnù. Pẹ́ẹ̀nì mẹ́rin wà nínú báàgì ọwọ́ mi, mẹ́ta wà nínú ti Màmá, kálukú pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti ẹ̀dà ìwé dókítà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà àti ṣúgà oníhóró wà ní àpamọ́wọ́ Màmá, ibi tí ọwọ́ wọn lè tètè tó. Hóró oògùn ọjọ́ 60 wà lọ́wọ́ wa. Ti ọjọ́ 20 tó kù ni mo fi sínú àpótí ńlá, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé kẹta, kó lè jẹ́ pé tí wọ́n bá jí báàgì ọwọ́, a ṣì ní èyí tá a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní Àbújá, mo yọ báàgì atutù sílẹ̀ fúnra mi kí ẹ̀rọ tó rí i, mo sì fi ìwé lé e lórí. Òṣìṣẹ́ náà kà á, ó ka pẹ́ẹ̀nì, ó ní ká máa lọ. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Àbújá bá wa ní Káírò níbi tí a jókòó sí, Màmá sì gún abẹ́rẹ́ wọn níbẹ̀. Mo yọ abẹ́rẹ́ náà kúrò lórí pẹ́ẹ̀nì lójú ẹsẹ̀, torí tí a bá fi í sílẹ̀ nínú bàálù, afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, mo sì jù ú sínú ike líle olómọrí tí mo gbé dání.

Ẹnu ọ̀nà bàálù kejì ni nǹkan ti fẹ́ yíwọ́. Wọ́n ní òkè ìjókòó ti kún, wọ́n fẹ́ gba báàgì mi lọ sísàlẹ̀. Mo ṣí i níwájú wọn, mo yọ báàgì atutù àti hóró oògùn jáde, mo gbé wọn sáyà, mo tó jẹ́ kí wọ́n gba ìyókù. Òṣìṣẹ́ kan nínú bàálù fi inú rere sọ pé òun á bá wa fi ínsúlìnì sórí yìnyín. Mo dúpẹ́, mo sì ní kó fi í sílẹ̀ lábẹ́ ìjókòó wa.

Ní Tòróńtò, mo sọ fún aṣọ́bodè pé oògùn wà lọ́wọ́ wa kó tó béèrè. Ó wo ìwé, ó bi Màmá pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa lò, ó sì lu òǹtẹ̀. Àpótí ńlá kò bá wa dé. Ọjọ́ kejì tí a dé ni wọ́n tó gbé e wá sílé, kò sì sí oògùn kankan tí Màmá pa jẹ.

Aago Tòróńtò fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn ti Àbújá nígbà tí a lọ, nítorí náà aago mẹ́sàn-án wa ni aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ wọn. Dókítà ti sọ fún Màmá pé kí wọ́n máa sún un síwájú díẹ̀díẹ̀. Aago 4 ni wọ́n gún un lọ́jọ́ tí a dé, ó di 6 lọ́jọ́ kejì, 8 lọ́jọ́ kẹta. Ní alẹ́ kẹrin, wọ́n ti wẹ ọmọ tán, wọ́n ti tẹ́ ẹ sùn, kí wọ́n tó sọ pé kí n gbé pẹ́ẹ̀nì wá, aago 9 sì ti lù.