Fọ́ọ̀mù láísẹ́ǹsì awakọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè kún fọ́ọ̀mù ná kí n tó lọ kọ́ mọ́tò?

Rárá o. Ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣáájú, kí ẹ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ tí FRSC fọwọ́ sí. Tí ẹ bá ń kọ́ ọ lójú títì, ẹ lẹ àmì L mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì jókòó tì yín.

Ṣé dandan ni kí n sọ pé mo ń lo awò?

Dandan ni. Lójú láísẹ́ǹsì fúnra rẹ̀, ẹ óò rí GL fún awò, FM fún ilà ojú, BG fún irú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má méfò irú ẹ̀jẹ̀, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò nílé àyẹ̀wò.

Mo ti sanwó. Níbo ni màá ti ṣe ìdánwò?

Ibùdó tí ẹ yàn nínú fọ́ọ̀mù ni. Ará Ìsánlú tó bá yan Lọ́kọ́ja ti fún ara rẹ̀ ní ìrìn-àjò tó gba Kàbà kọjá, torí náà ẹ wo ibi tí ẹ ń tẹ̀. Ẹ mú ìwé tí ẹ tẹ̀ jáde dání. Àwọn VIO ni yóò dán yín wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ẹ̀ka owó-orí ìpínlẹ̀ náà á fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ni FRSC á ya fọ́tò, tí wọ́n á sì gba ìtẹ̀ka yín.

Fọ́ọ̀mù ń sọ pé orúkọ mi kò bá NIN mu, bẹ́ẹ̀ orúkọ mi náà ni!

Èyí ni wọ́n ń bi wá jù. Kò sí ohun tí ọmọ kafé lè ṣe sí i, ẹ má sanwó fún un. *346# kò tó, nọ́ńbà nìkan ló ń fún yín. Ẹ tẹ ìwé NIN jáde, kí ẹ gbé e ka ẹ̀gbẹ́ ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ àti ìwé akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ wo Surname, First Name àti Date of Birth ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Surname tó wà lórí NIN ni OLORUNFEMI, First Name sì ni BAMIDELE. Akẹ́kọ̀ọ́ sọ fún ilé ẹ̀kọ́ pé òun ni Bámidélé Ọlọ́runfẹ́mi, akọ̀wé sì fi BAMIDELE sí Surname. NIN kò ní àléébù níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ló máa tún tiwọn ṣe. Bákan náà ni 04/07 tí wọ́n kọ ní 07/04.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ NIN ló gbé OLURUNFEMI, tàbí ọdún ìbí tí kì í ṣe tiyín, ẹ lọ tààrà sí ọ́fíìsì NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN. Ẹ má sọ pé kí ilé ẹ̀kọ́ da àṣìṣe náà kọ kó lè bára mu, torí láísẹ́ǹsì yóò gbé orúkọ tí kò bá ti báńkì yín mu. NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ìwé tó kù tẹ̀ lé e, kí ẹ tó padà sórí fọ́ọ̀mù. Títí orúkọ náà yóò fi jáde bó ṣe yẹ lójú fóònù, ẹ má san kọ́bọ̀.