Bí Ẹ Ṣe Lè Ti Ilẹ̀kùn Tẹ́tẹ́ Orí Ayélujára Mọ́ Ara Yín

Ẹni tí tẹ́tẹ́ orí ayélujára ti ń jẹ níyà lè ní kí wọ́n má gba òun láàyè mọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ fún un. Bí orúkọ yín bá ti wọ inú rẹ̀, gbogbo iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí ayélujára tó gba láísẹ́ǹsì ní orílẹ̀-èdè yẹn ló gbọ́dọ̀ lé yín padà lẹ́nu ọ̀nà. Spelpaus ni ti Súwídìn, BetStop ni ti Ọsirélíà, GAMSTOP sì ni ti Bìrìtéènì. GAMSTOP ni mo máa fi ṣàlàyé, torí òun ni mo ti jókòó ti àwọn èèyàn láti ṣe. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ kọ́kọ́ kó owó tó bá ṣẹ́kù sínú àkáǹtì tẹ́tẹ́ yín jáde. Ẹ má dá a ṣe. Èmi máa ń jókòó ti ẹni náà títí owó á fi kúrò, torí níbi tí a ti ń wá bọ́tìnì tí a fi ń gbowó ni ọwọ́ ti máa ń ṣèèṣì tẹ eré.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí ìkànnì GAMSTOP, kí ẹ sì mú iye àkókò tí ẹ fẹ́: oṣù 6, ọdún 1 tàbí ọdún 5. Ọdún 5 ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n mú. Bí ẹ bá ti mú un, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè dín in kù. Bí àkókò náà bá sì pé, ilẹ̀kùn kì í dédé ṣí: àfi kí ẹ̀yin fúnra yín kàn sí wọn pé kí wọ́n yọ orúkọ yín, wọn á sì tún ní kí ẹ fi wákàtí 24 ronú sí i.

Ibi tí wọn yóò ti béèrè nípa ara yín ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, ímeèlì, nọ́ńbà fóònù àti kóòdù àdírẹ́sì ilé ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀. Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ ni iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ á gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́. Bí méjèèjì ò bá jọra, ẹlòmíì ni wọ́n máa rò pé ẹ jẹ́.

Obìnrin kan tí mo bá ṣe é kọ orúkọ ọkọ rẹ̀, ímeèlì tuntun àti ilé tó ń gbé lọ́wọ́lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹta, àkáǹtì kan ṣí fún un wẹ́rẹ́. Kí ló dé? Orúkọ bàbá rẹ̀ ló fi ṣí àkáǹtì yẹn kó tó lọ́kọ, pẹ̀lú ímeèlì tí kò lò mọ́ àti àdírẹ́sì ilé tó ti kó kúrò. A padà wọ inú GAMSTOP, a fi gbogbo ti àtijọ́ kún un, ilẹ̀kùn sì tì.

Nítorí náà, ẹ mú bírò àti ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí gbogbo ímeèlì tí ẹ ti lò rí, kí ẹ sì fi `welcome`, `bonus` àti `deposit` wá inú wọn. Ẹ wo àkọsílẹ̀ báńkì yín pẹ̀lú. Ó máa ń rántí ohun tí ẹ ti gbàgbé. Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀, ó lè tó wákàtí 24 kí GAMSTOP tó mú. Ẹ má lọ gbìyànjú láti wọlé wò bóyá ó ti mú.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìkànnì ni yóò tì. Láísẹ́ǹsì ni okùn tó so iléeṣẹ́ mọ́ ìwé yìí. Láti ìparí oṣù kẹta ọdún 2020 ni gbogbo iléeṣẹ́ orí ayélujára tó ní láísẹ́ǹsì Bìrìtéènì ti gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìkànnì tó gba tirẹ̀ ní erékùṣù Kuraṣáò kò sí lábẹ́ òfin yẹn, kò sì ní yẹ orúkọ yín wò. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé ìkànnì: ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ orúkọ àjọ tó fún wọn láísẹ́ǹsì sí. Èyí tó bá ń fi yangàn pé òun kò sí lábẹ́ GAMSTOP, àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ gan-an ló ń dọdẹ. Bí wọ́n bá sì di owó yín mú, ó ṣòro kí ẹ tó rẹ́ni bá yín gbà á. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ àti kasínò náà ní ìwé tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ ní láti tún forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí mo fi ń dí àlàfo yìí ni BetBlocker, áàpù ọ̀fẹ́ tí kì í jẹ́ kí ìkànnì tẹ́tẹ́ ṣí lórí ẹ̀rọ, ibi yòówù kí láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti wá. Gamban náà dára. Orí gbogbo ẹ̀rọ ni kí ẹ fi í sí, títí kan fóònù àtijọ́ tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú áàpù báńkì yín bóyá bọ́tìnì tó ń dènà owó tẹ́tẹ́ wà níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan náà tí ẹ forúkọ sílẹ̀.