Káàdì ìwọ̀n ọmọ lórí àtẹ: ìdí tí pẹ̀sẹ́ńtáìlì fi ń fò sókè sódò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà. Mo ń da ìwọ̀n ọmọ mi obìnrin láti orí káàdì kílíníìkì sínú Google Sheets lórí fóònù. Nínú ìlà mẹ́fà, mẹ́ta gbé #VALUE! jáde. Nínú àwọn tó kù, ọ̀kan ní ọmọ ọjọ́ mẹ́fà ni ọmọ mi, ó wọn kílò 7, pẹ̀sẹ́ńtáìlì rẹ̀, ìyẹn ipò rẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ọjọ́ orí wọn bá tirẹ̀ mu, sì jẹ́ 100. Ọmọ yìí sì ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ ọ́ nìyí: 5/3/2024 (ọjọ́ ìbí) 3.2, 18/4/2024 4.6; 16/5/2024 5.3, 13/6/2024 5.9; 5/9/2024 7.0, 5/12/2024 7.2.

Ìdáhùn: Ọjọ́ ni fóònù yín kà sódì, ìwọ̀n kò ní ẹ̀bi. Lórí káàdì, ọjọ́ ló ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣètò ṣíìtì náà sí ti Amẹ́ríkà, oṣù ló máa kà ṣáájú. Ó ka 5/3/2024 sí ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, ó ka 5/9/2024 sí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún kan náà, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi di ọmọ ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tó dé 18/4, kò sí oṣù kejìdínlógún, nítorí náà ó fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. A kì í yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú ọjọ́, ibẹ̀ ni #VALUE! ti jáde.

Ẹ lè dá a mọ̀ láìtẹ nǹkan kan: ọjọ́ tí ṣíìtì gbà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ máa ń fara ti ọwọ́ ọ̀tún àpótí rẹ̀, èyí tó gbà bí ọ̀rọ̀ máa ń fara ti ọwọ́ òsì. Tí ẹ bá rí méjèèjì nínú òpó kan náà, àṣìṣe yìí ló wà níbẹ̀. Èyí tó fara ti ọ̀tún gan-an ló léwu jù, nítorí pé kò pariwo. Nọ́ńbà ló ń gbé jáde, nọ́ńbà tí kò tọ̀nà.

Ẹ pa òpó ọjọ́ rẹ́, kí ẹ tún un tẹ̀, ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹ́yìn: 2024-03-05, 2024-04-18, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ yìí, kò sí ètò orílẹ̀-èdè tó máa yí i. Tí ẹ bá kàn yí ètò ṣíìtì padà láìtún ọjọ́ tẹ̀, èyí tó ti kà sódì kò ní padà sípò fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àtẹ ìwọ̀n sí ọjọ́ orí fún ọmọbìnrin lórí ìkànnì Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2006. Èyí tó ń ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ mú, tí wọ́n ń pè ní `expanded tables`, kì í ṣe èyí tó ń ka oṣù nìkan. Ẹ da òpó mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀ (ọjọ́ orí, L, M, S) sí ojú ewé kejì, kí ẹ sọ ojú ewé náà ní LMS. M ni ìwọ̀n àárín fún ọjọ́ orí náà, S ń sọ bí àwọn ọmọ ṣe jìnnà síra wọn tó, L sì ń tọ́ ìtẹ̀sí àtẹ náà. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ọjọ́ wà ní òpó A, kílò ní òpó B, ọjọ́ ìbí sì gbọ́dọ̀ wà ní A2:

```
C2: =A2-$A$2
D2: =VLOOKUP(C2,LMS!$A$2:$D$1860,2,FALSE)
E2: =VLOOKUP(C2,LMS!$A$2:$D$1860,3,FALSE)
F2: =VLOOKUP(C2,LMS!$A$2:$D$1860,4,FALSE)
G2: =((B2/E2)^D2-1)/(D2*F2)
H2: =ROUND(100*NORM.S.DIST(G2,TRUE),0)
```

Ẹ fà wọ́n wálẹ̀ dé ìlà keje. Òpó G ni iye Z, tó ń sọ bí ọmọ ṣe jìnnà sí ìwọ̀n àárín tó, òpó H sì ni pẹ̀sẹ́ńtáìlì. Tí òpó C bá hàn bí ọjọ́ dípò nọ́ńbà, ẹ yí ìrísí rẹ̀ sí nọ́ńbà. Ohun tó yẹ kí ẹ rí nìyí:

| Ọjọ́ orí (ọjọ́) | Kílò | Iye Z | Pẹ̀sẹ́ńtáìlì |
|---|---|---|---|
| 0 | 3.2 | -0.1 | bíi 47 |
| 44 | 4.6 | -0.1 | bíi 47 |
| 72 | 5.3 | -0.2 | bíi 43 |
| 100 | 5.9 | -0.2 | bíi 43 |
| 184 | 7.0 | -0.4 | bíi 36 |
| 275 | 7.2 | -1.1 | bíi 13 |

Ẹ fọwọ́ ṣírò ìlà kan kí ẹ tó gba àtẹ yín gbọ́. Ní ọjọ́ 275, M jẹ́ nǹkan bí 8.23, L jẹ́ -0.151, S jẹ́ 0.122. Ẹ pín 7.2 sí 8.23, ó di 0.875, kí ẹ fi í pẹ̀lú L àti S sínú fọ́múlà G2. Tí iye Z tó jáde kò bá sún mọ́ -1.1, ẹ kọ́kọ́ wo bóyá àtẹ ọmọkùnrin lẹ dà sínú LMS. Kílò 7.2 ní oṣù mẹ́sàn-án yóò bọ́ sí nǹkan bí pẹ̀sẹ́ńtáìlì 3 lórí àtẹ ọmọkùnrin, ẹ̀rù tí kò yẹ ni yóò sì dá bà yín.

Ìbéèrè: Ṣé kò ní rọrùn kí n kàn fi oṣù ṣe é? Káàdì ti kọ ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14 sí ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo lè pè é ní oṣù kan.

Ìdáhùn: Rárá, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ wo kílò 4.6 tó wà ní ìlà kejì. Tí ẹ bá pè é ní oṣù kan, pẹ̀sẹ́ńtáìlì 75 ni. Tí ẹ bá pè é ní oṣù méjì, ó di 20. Ọjọ́ 44 gan-an ló fún wa ní nǹkan bí 47. Ọmọ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ ń sanra kíákíá débi pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ti tó láti gbé e kúrò nípò kan sí òmíràn. Bí ẹ bá fi oṣù kan sí ìlà kejì, kí ẹ wá fi oṣù mẹ́ta sí ìlà kẹta, ìtàn ìwólulẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ rí lẹ máa kọ sórí àtẹ.

“Ọ̀sẹ̀ 6” tí ẹ rí lórí káàdì, orúkọ abẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe ọjọ́ orí ọmọ. Ọmọ tí ibà mú, tàbí tí ìyá rẹ̀ lọ sí oko, lè gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n nìkan ni kí ẹ gbára lé. Tí wọn kò bá kọ ọjọ́ sí ìwọ̀n kan, ẹ fi ìlà náà sílẹ̀ láìṣírò rẹ̀.

Fún ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37, ẹ yọ iye ọ̀sẹ̀ tó fi ṣáájú ọ̀sẹ̀ 40 kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún méjì. Láìṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlà àkọ́kọ́ ni yóò dà bíi pé ebi ń pa á.

Ìbéèrè: Mo ti tún un ṣe, ó bá tiyín mu. Kí ni kí n kọ sí òpó àlàyé? Ọmọ mi kò rù, ó ń lé kílò sí i nígbà gbogbo. Ṣé 13 yẹn túmọ̀ sí pé ó fìdí rẹmi?

Ìdáhùn: Pẹ̀sẹ́ńtáìlì kì í ṣe máàkì ìdánwò. 13 túmọ̀ sí pé tí a bá to ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn bá tirẹ̀ mu, nǹkan bí mẹ́tàlá ló máa fúyẹ́ jù ú lọ. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ní 13 tó sì dúró síbẹ̀ lè jẹ́ ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ọmọ yín kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Láti nǹkan bí 47 ló ti ń bọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Má ṣe fi pẹ̀sẹ́ńtáìlì ṣe àyọkúrò nígbà tí ẹ bá ń kọ àlàyé. Láti 50 sí 30 jẹ́ ogún ìgbésẹ̀, láti 15 sí 3 jẹ́ méjìlá péré, síbẹ̀ èkejì ló gùn jù lórí iye Z: 0.84 sí 0.52. Àwọn ọmọ pọ̀ jọjọ láàárín, wọ́n sì fọ́nká ní ìpẹ̀kun. Òpó G ni kí ẹ fi ṣe ìfiwéra. 0.67 ni ààlà tó dára, òun ni àlàfo láàárín pẹ̀sẹ́ńtáìlì 50 àti 25.

```
I3: =IF(G3-MAX(G$2:G3)<=-0.67,"Ó ń lọ sílẹ̀","Ó dúró lójú ọ̀nà")
```

Ipò tó ga jù tí ọmọ ti dé ni mo fi wé e, kì í ṣe ìlà tó ṣáájú nìkan. Ọmọ tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, 0.3 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sá mọ́ yín lọ́wọ́ bí ẹ bá ń wo ìlà méjì péré.

Ìlà márùn-ún àkọ́kọ́ yóò kọ “Ó dúró lójú ọ̀nà” (fún ìlà ìbí, ẹ fọwọ́ kọ ọ́). Èyí tó kẹ́yìn yóò kọ “Ó ń lọ sílẹ̀”, òótọ́ sì ni. Láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, gíráàmù 200 péré ló lé, nígbà tí ìwọ̀n àárín àwọn ọmọbìnrin fi nǹkan bí gíráàmù 920 pọ̀ sí i. Ó ń lé kílò, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í sílẹ̀.

Kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀ pátápátá, ẹ dán òṣùwọ̀n wò. Èyí tí wọ́n ń so kọ́, tí ọmọ ń wọ ṣòkòtò rẹ̀, gíráàmù 100 ni ìlà rẹ̀ kéékèèké, ó sì gbọ́dọ̀ wà lórí òdo pẹ̀lú ṣòkòtò náà kí ọmọ tó wọ̀ ọ́. Ká ní wọ́n ṣi ìwọ̀n oṣù kẹsàn-án kà ní gíráàmù 200, tó jẹ́ pé 7.4 ló wọ̀n, pẹ̀sẹ́ńtáìlì 19 ni yóò jẹ́, iye Z yóò sì jẹ́ -0.9. Fọ́múlà yóò ṣì kọ “Ó ń lọ sílẹ̀”. Àlàyé tí àṣìṣe òṣùwọ̀n kò lè yí padà nìyẹn.

Ohun tí màá kọ sí ìlà náà nìyí: “Láti 36 sí 13 láàárín ọjọ́ 91. Gíráàmù 200 ló lé. Kò tíì dé -2. Kí wọ́n tún un wọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, lórí òṣùwọ̀n kan náà, láìwọ aṣọ. Kí wọ́n béèrè nípa oúnjẹ, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru.” -2 ni ààlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń pe ọmọ ní ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré jù, nǹkan bí kílò 6.5 sì ni fún ọmọbìnrin oṣù mẹ́sàn-án. Oṣù kẹfà ni ọmú nìkan kò tó mọ́, nítorí náà ohun tí ó ń jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ béèrè. Ògì ṣíṣàn tí kò sí ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí epo nínú rẹ̀ máa ń kún ikùn láìfi bẹ́ẹ̀ kún ara.

Ẹ tẹ àtẹ náà jáde, tàbí kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ mú un pẹ̀lú káàdì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ, láì dúró de ìgbà abẹ́rẹ́ tó kàn. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú, tí ibẹ̀ sì tẹ̀ wọlé nígbà tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹ fi àtẹ sílẹ̀, kí ẹ gbé ọmọ lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Omi inú wíwú náà ń mú ìwọ̀n pọ̀ sí i, pẹ̀sẹ́ńtáìlì tó bá jáde kò ní í sọ òótọ́.