Ẹ Má Pa Ohùn Gbogbo Fóònù: Ìtọ́sọ́nà Lórí Ìfitónilétí fún Àwọn Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Agbègbè Àkúrẹ́

Ohun tó bí ìwé yìí ni òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan. Obìnrin kan tó ń sin adìyẹ ẹlẹ́ran lẹ́bàá ojú ọ̀nà Ọ̀dà, ní Àkúrẹ́, sanwó páálí mẹ́rin, àádọ́ta òròmọdìyẹ nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ tó kó wọn bọ̀ láti Ìbàdàn dé gáréèjì kí ilẹ̀ tó mọ́, ó pè é léraléra, kò sí ẹni tó gbé e. Ó kó páálí náà lé ara wọn sí abẹ́ ibòji, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyá náà yóò fi rí ìpè tó ti kọjá lọ, oòrùn ti wọlé síbẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú àwọn òròmọdìyẹ náà sì ti kú. Ìyá yìí kò sùn ju bó ti yẹ lọ o. Láti ọjọ́ Àìkú ni ó ti tẹ bọ́tìnnì ohùn fóònù rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá, nítorí gúrúùpù àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé-ìwé kò jẹ́ kí ó gbádùn.

Àṣìṣe tí a ń rí láti Ìdànrè dé Ìjù nìyẹn. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń yọ ènìyàn lẹ́nu, ó sì pa gbogbo fóònù mọ́ ọn. Ẹni tí àfòmọ́ bá mú ẹ̀ka kan lórí kòkó rẹ̀, ẹ̀ka náà ni yóò gé, kò ní fi àáké kan ìdí igi. Irú ìfitónilétí tó ń dani láàmú ni kí ẹ wá rí, òun nìkan ni kí ẹ pa lẹ́nu mọ́. A ó rò pé ẹ mọ bí a ṣe ń ṣí fóònù àti bí a ṣe ń wọ ibi tí wọ́n kọ Settings sí. Fóònù Android ni a fi ṣe àlàyé, nítorí òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín. Orúkọ tí a kọ síhìn-ín lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ dá ohùn ìpè padà sí òkè. Gbogbo ètò tó wà nísàlẹ̀ yìí kò wúlò fún ẹni tó bá ṣì fi fóònù rẹ̀ sí ipò àìdún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí irú ìfitónilétí, nítorí ibẹ̀ ni ariwo ti ń wá jù. Nínú WhatsApp, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wọ gúrúùpù kọ̀ọ̀kan lọ láti tẹ Mute notifications, wọn a ṣe mẹ́ta, á sú wọn, wọn a wá lọ pa gbogbo WhatsApp. Ọ̀nà tó kúrú jù wà. Ẹ ṣí WhatsApp, ẹ lọ sí Settings tirẹ̀, ẹ tẹ Notifications. Ẹ ó rí i pé ó ya ìránṣẹ́ ẹni kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ lábẹ́ Messages, ó ya ti gúrúùpù sọ́tọ̀ lábẹ́ Groups, ó sì ya ìpè sọ́tọ̀ lábẹ́ Calls. Lábẹ́ Groups, ẹ sọ Notification tone di None, kí ẹ sì sọ Vibrate di Off. Ẹ má fọwọ́ kan Messages àti Calls. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo gúrúùpù yóò máa wọlé láìdún, ẹni tó bá sì kọ̀wé sí yín ní tààrà yóò máa dún bó ti ń dún tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú gúrúùpù kan tàbí méjì tí ẹ kò lè pàdánù, bí ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí ti àwọn tó ń ra kòkó, kí ẹ sì dá ohùn wọn padà fún wọn nìkan. Ẹ ṣí gúrúùpù náà, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ lókè, ẹ wá Notifications (lórí ẹ̀yà tó ti pẹ́, Custom notifications ni wọ́n kọ síbẹ̀), kí ẹ sì yan ohùn tó yàtọ̀ pátápátá sí ti àwọn yòókù. Bí gúrúùpù tí ẹ yàn bá ti ju mẹ́ta lọ, ẹ tún un rò, nítorí pé ẹ tún ti padà sí ibi tí ẹ ti ń bọ̀ nìyẹn. Ní ti Mute notifications, wákàtí 8, ọ̀sẹ̀ 1, tàbí títí lọ ni ó ń fúnni láti yàn. Wákàtí 8 ni ó dára fún ọjọ́ tí gúrúùpù pàtàkì kan bá ń jà. Ẹni tó bá yan Always fún gúrúùpù alájẹṣẹ́kù rẹ̀ kò gbọdọ̀ wá bínú pé wọn kò sọ ọjọ́ ìpàdé fún òun.

Ti báńkì gba ìṣọ́ra ju ti WhatsApp lọ. Áàpù báńkì kan náà tó ń fi alẹ́ẹ̀tì owó ránṣẹ́ lè máa fi ìpolówó ẹ̀yáwó ránṣẹ́ pẹ̀lú. Nígbà tí ìpolówó bá já sórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tí ètò rẹ̀ yóò fi yọ, kí ẹ sì yan Silent. Ẹ má tẹ ibi tí wọ́n kọ Turn off notifications sí láìkà á dáadáa, nítorí ó lè jẹ́ pé gbogbo áàpù náà ni ẹ ń pa. Láti Android 8, tó jáde ní ọdún 2017, ni àwọn áàpù ti lè pín ìfitónilétí wọn sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Ẹ lọ sí Settings, Notifications, App notifications, ẹ mú áàpù báńkì, ẹ ó sì rí ìsọ̀rí náà bó bá wà. Ẹ pa ti ìpolówó, ẹ fi ti owó sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ṣe áàpù ló pín tirẹ̀ o. Bí ẹ bá rí ìsọ̀rí kan ṣoṣo níbẹ̀, alẹ́ẹ̀tì àti ìpolówó jọ wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ fara da ìpolówó.

Bí ó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni báńkì fi ń sọ fún yín, tí ìpolówó ilé-iṣẹ́ síìmù sì ń bò ó mọ́lẹ̀, ẹ kọ STOP, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442. Ètò tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìpolówó padà, ALLOW ni ẹ ó fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan náà.

Bí alẹ́ẹ̀tì áàpù bá ń dé lẹ́yìn wákàtí kan, tàbí tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ṣí áàpù ló ń rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tún ètò ìfitónilétí ṣe mọ́. Ètò ìpa-bátìrì-mọ́ ló sábà máa ń fa ìyẹn: fóònù ti pa áàpù náà lẹ́yìn kí iná má baà tán. Ẹ lọ sí Battery nínú ètò áàpù náà, kí ẹ yan Unrestricted. Áàpù báńkì àti WhatsApp nìkan ni kí ẹ ṣe é fún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bátìrì kò ní bá yín dé ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló kàn. Lábẹ́ Do Not Disturb, tí àwọn fóònù tuntun kan fi sábẹ́ Modes, ẹ wá Schedules, kí ẹ sì mú Sleeping. Ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ sí aago 10 alẹ́, kí òpin jẹ́ aago 5 òwúrọ̀, kí ẹ yan gbogbo ọjọ́ méjèèje. Ẹ rí i dájú pé Alarms wà ní ṣíṣí, kí aago tó ń jí yín má baà dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ People. Ẹ ó rí i pé Calls àti Messages yàtọ̀ síra. Ẹ fi Messages sí None. Ẹ fi Calls sí Starred contacts, kí ẹ sì lọ fi ìràwọ̀ sí orúkọ àwọn tó lè jí yín lóru: ọkọ tàbí aya, àwọn ọmọ, dókítà ẹran, ọlọ́dẹ oko. Ẹni méje tó. A ti rí ẹni tó fi ìràwọ̀ sí gbogbo ìjọ rẹ̀.

Ẹ ṣí Repeat callers pẹ̀lú. Ohun tó ń ṣe ni pé bí nọ́ńbà kan náà bá pè lẹ́ẹ̀kejì láàárín ìṣẹ́jú 15, ìpè kejì yóò dún bí kò tilẹ̀ ní ìràwọ̀. Awakọ̀ tó pè ní aago 4 tó sì tún pè ní aago 4 kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ẹ sọ fún ẹni tó ń ta òròmọdìyẹ fún yín pé bí awakọ̀ bá pè tí ẹ kò gbé e, kí ó tún pè lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní alẹ́ tí ẹ bá ń retí ẹrù, ẹ má gbẹ́kẹ̀lé ìràwọ̀ tàbí ìpè ẹ̀ẹ̀kejì. Awakọ̀ lè yí padà, nọ́ńbà rẹ̀ kì í sì í sí nínú fóònù yín. Ní alẹ́ náà, ẹ sọ Calls di Anyone, kí Messages ṣì wà ní None. Gbogbo ìpè yóò dún, gúrúùpù kankan kò sì ní jí yín. Ká ní èyí ni ìyá ojú ọ̀nà Ọ̀dà ṣe, ìpè àkọ́kọ́ ni ì bá gbé. Bí ẹrù bá ti dé, ẹ dá Calls padà sí Starred contacts.

Ní ti àkáǹtì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó ní lẹ́tà orí ẹ̀rọ méjì nínú Gmail, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún ẹgbẹ́, lè wọ Settings inú Gmail, kí ó tẹ àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, kí ó fi ti ẹgbẹ́ sí All, kí ó sì fi ti ara rẹ̀ sí High priority only tàbí None. Láti ọdún 2023 ni WhatsApp náà ti gba àkáǹtì méjì láyè lórí fóònù Android kan. Ẹ fi ti òwò sórí síìmù kan, ti ẹbí sórí èkejì. Ètò ìfitónilétí àkáǹtì kan kò kan èkejì rárá, nítorí náà ohun tí ẹ ṣe sí Groups nínú ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ tún un ṣe nínú èkejì. Àwọn tó ń wá bá wa pé WhatsApp àwọn ṣì ń dún, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tún ṣe.

Ẹ dán ètò yín wò ní alẹ́ kan náà tí ẹ ṣe é. Lẹ́yìn aago 10, kí ẹnìkan nínú ilé fi fóònù tí ẹ kò fi ìràwọ̀ sí pè yín lẹ́ẹ̀kan: kò gbọdọ̀ dún. Kí ó tún pè lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì: ó gbọ́dọ̀ dún. Kí ó kọ ìránṣẹ́ WhatsApp: kò gbọdọ̀ dún, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i ní òwúrọ̀. Bí ìpè àkọ́kọ́ bá dún, ẹ ṣì fi Calls sí Anyone. Bí ìpè kejì kò bá dún, ẹ wo Repeat callers. Bí ìyẹn bá wà ní ṣíṣí síbẹ̀, ẹ wo bọ́tìnnì ohùn. Ẹnìkan ti tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.