Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Wọ́lẹ́ẹ̀tì Kírípítò Bá Tì Mọ́ Olówó Lọ́wọ́

Ẹni tí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà wọ́lẹ́ẹ̀tì tí ó wà ní ìkáwọ́ ara rẹ̀ sábà máa ń kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ ìrànwọ́, bí ẹni ń kọ̀wé sí báńkì. Àṣìṣe nìyẹn, nítorí inú ẹ̀rọ yín ni a ti ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ owó náà, láti inú ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tí wọ́n ní kí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́lẹ́ẹ̀tì náà kò ní ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà kàn ń ti fáìlì tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀ lórí ẹ̀rọ yẹn ni. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ 12 náà ránṣẹ́ kí òun lè bá yín tún un ṣe, olè ni.

Àṣìṣe tí ó burú jù ni kí ènìyàn yọ áàpù náà kúrò kí ó lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bí ọ̀rọ̀ 12 bá wà lọ́wọ́, kò séwu, ẹ ó tẹ̀ wọ́n sínú áàpù tuntun, ẹ ó sì yan ọ̀rọ̀ aṣínà mìíràn. Bí kò bá sí, fáìlì tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀ yẹn nìkan ló kù, yíyọ áàpù náà sì lè pa á rẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ tó fi sọ́fítíwíà bíi btcrecover dán oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ máa ń lò wò, lórí kọ̀ǹpútà tí kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Bí omi bá ba ìwé tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ 12 náà sí jẹ́, ẹ má tètè jù ú nù. Ọ̀rọ̀ 2,048 péré ni ó wà nínú BIP39, àtòjọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́lẹ́ẹ̀tì ti ń mú ọ̀rọ̀ 12 náà, kò sì sí méjì tí lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ wọn jọra. Bí ẹ bá rí `exha`, `exhaust` ni. Bí `exh` nìkan ló hàn, ó lè jẹ́ `exhibit`, ẹ sì dán méjèèjì wò. Ká ní ọ̀rọ̀ kan nínú 12 ti parẹ́ pátápátá, tí ẹ sì mọ ipò rẹ̀: nítorí pé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ní àmì àyẹ̀wò nínú, nǹkan bí 128 nínú 2,048 ni yóò bá àwọn yòókù mu. Kọ̀ǹpútà yóò ṣẹ̀dá àdírẹ́sì láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi wé àdírẹ́sì tí ẹ ti fi gba owó rí, nítorí náà ẹ wá àdírẹ́sì yẹn sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá sọnù, iye tí ó yẹ ní yíyẹ̀wò yóò tó 262,000, kọ̀ǹpútà ṣì lè ṣe é. Bí mẹ́fà bá sọnù, kò sí ẹ̀rọ tí yóò lè kà á tán.

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà yóò pé, ṣùgbọ́n wọ́lẹ́ẹ̀tì tí ó ṣí yóò ṣófo. Ó lè jẹ́ pé ẹ fi ọ̀rọ̀ àfikún kan kún un nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dá wọ́lẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àfikún èyíkéyìí, kódà èyí tí ẹ ṣì kọ, ni yóò ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì kan láìkìlọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ 12 àti fáìlì bá sọnù pa pọ̀, owó náà yóò ṣì hàn lórí àdírẹ́sì rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè mú un kúrò níbẹ̀.