“Ẹ jọ̀wọ́” tó ní pàṣán nínú: bí mo ṣe yẹ èsì ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan wò

Àbúrò mi kan ló ń bójú tó ojú ìwé Fesibúùkù ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Utako, níbí ní Àbújá. Ó fi èsì kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, nítorí iṣẹ́ olótùú ni mò ń ṣe: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó bóyá ohùn rẹ̀ dáa. Mánẹ́jà wa ló kọ ọ́, wọ́n ní kí n gbé e síta kíákíá.” Mo ní kó kọ́kọ́ fi ohun tí oníbàárà kọ ránṣẹ́. Èèyàn ò lè dá ohùn èsì lẹ́jọ́ láìmọ ohun tó ń fèsì sí.

Ohun tí ìyá náà kọ rèé:

“Ẹ̀yin olè! Ọjọ́bọ̀ ni mo sanwó ẹrù ní Ìlọrin, ẹ ní yóò dé Utako láàárọ̀ Jímọ̀. Aṣọ òkè ìgbéyàwó ọmọ mi ni. Láti Jímọ̀ títí di alẹ́ Sátidé ni mo ń pe nọ́ńbà ara rìsíìtì, ẹnì kankan ò gbé e. Mọ́ńdè lẹ wá ní kí n wá gbẹ́rù. Kí n fi ṣe kí ni? Gèlè kan ò sì sí níbẹ̀. Ẹ dójú tì mí níwájú àwọn àna mi.”

Èsì tí mánẹ́jà kọ nìyí:

“Ẹ káàsán o, oníbàárà wa ọ̀wọ́n. Ó dùn wá bí iṣẹ́ wa kò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹrù yín pẹ́ díẹ̀ nítorí ọkọ̀ tó bàjẹ́ ní Lókọ́ja, èyí tó kọjá agbára wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ẹ̀yìn rìsíìtì yín dáadáa, a kò ṣèlérí ọjọ́ pàtó. Nọ́ńbà yín tó wà lọ́wọ́ wa la pè ní Mọ́ńdè. A kì í ṣe olè. Ẹ ṣeun.” Ó wá kọ nọ́ńbà fóònù ìyá náà síbẹ̀ ketekete.

Ẹ wò ó, “ẹ” àti “yín” pé síbẹ̀, kò sí ibi tó ti sọ̀rọ̀ sí àgbàlagbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi fi rò pé ó dáa. Ṣùgbọ́n pàṣán ló wà nínú “ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ẹ̀yìn rìsíìtì yín dáadáa” yẹn. Ohun tó ń sọ ni pé ìyá náà kò mọ̀wé kà.

Mo fa ìlà sábẹ́ ohun tó ń dun ìyá náà gan-an. Ẹrù pẹ́, wọn ò gbé fóònù, gèlè kan sọnù, ojú sì tì í. Lẹ́yìn náà mo fa ìlà sábẹ́ ohun tí èsì dáhùn, mo rí i pé ó dáhùn pípẹ́ ẹrù àti “olè”. Kò fẹnu kan fóònù àti gèlè rárá. Bẹ́ẹ̀ fóònù yẹn gan-an ni kì í ṣe ohun tó kọjá agbára wọn. Ọkọ̀ lè bàjẹ́ ní Lókọ́ja. Tí wọ́n bá pè é láàárọ̀ Jímọ̀, ì bá wá aṣọ mìíràn ní Wuse. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 pàápàá sọ ọ́: oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó bọ́ sásìkò, ó sì ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n tètè sọ fún un bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹra fún bá wà. Mo bi àbúrò mi pé kí ló ṣe fóònù. Ó ní akọ̀wé tó máa ń gbé ìpè ti lọ sí ìsinmi, ó sì mú fóònù náà lọ sílé.

Mo wá padà sínú èsì náà. “Bí iṣẹ́ wa kò bá tẹ́ yín lọ́rùn”: kí ni “bí” ń wá níbẹ̀, nígbà tí obìnrin náà ti pè yín ní olè? “Pẹ́ díẹ̀”: díẹ̀ ta ni? Lójú ẹni tó ṣe ìgbéyàwó ní Sátidé, aṣọ tó dé ní Mọ́ńdè kò dé. Mo pa gbólóhùn “a kì í ṣe olè” rẹ́. Tí ilé iṣẹ́ bá ń jà lórí èébú, àwọn tó ń kà á yóò gbàgbé ẹrù, wọn yóò máa wo ìjà. Mo pa nọ́ńbà fóònù náà rẹ́ pẹ̀lú. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti 2023 wà, kò sì yẹ kí ilé iṣẹ́ kan taari nọ́ńbà oníbàárà sí gbangba.

Mánẹ́jà kò gbà. Ó ní bí wọ́n bá jẹ́wọ́, ìyá náà yóò béèrè owó. Mo ní rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àkọsílẹ̀ gbogbo ìpè rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ̀. Ohun tó ti ní ẹ̀rí rẹ̀ kọ́ ni ẹ ó fi pamọ́ fún un. Ibi tí mo ti gbà pé ó tọ́ láti ṣọ́ra ni gèlè. Wọn ò tíì mọ bóyá ọwọ́ tiwọn ló ti sọnù, nítorí náà wọn kò gbọ́dọ̀ sọ pé “irọ́ ni,” wọn kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé “àwa la sọ ọ́ nù.” Kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti ń wá a àti ìgbà tí wọn yóò fèsì.

Àbúrò mi wá kọ òmíràn fúnra rẹ̀, ó sì ṣe é jù lápá kejì: “A wólẹ̀ o, a dọ̀bálẹ̀ o, ìyá wa àtàtà, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ tún ṣe irú ìgbéyàwó yìí mìíràn.” Èyí pa mí lẹ́rìn-ín o. Ìgbéyàwó mìíràn fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó! Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí iṣẹ́ kankan nínú gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń kà á yóò mọ̀ pé àdúrà ni wọ́n fi rọ́pò owó ẹrù.

Èyí ni a fẹnu kò sí:

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. A ní ẹrù yín yóò dé láàárọ̀ Jímọ̀, Mọ́ńdè ló dé, ìgbéyàwó ti kọjá. Ẹ pè wá títí, a kò gbé fóònù. Ẹ̀bi wa ni, ẹ má bínú. Ọkọ̀ wa bàjẹ́ ní Lókọ́ja lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ó yẹ kí a ti pè yín kí ilẹ̀ Jímọ̀ tó mọ́ tán. A kò tíì rí gèlè náà. À ń wá a ní Lókọ́ja níbi tí wọ́n ti kó ẹrù sínú ọkọ̀ mìíràn, a ó sì fún yín lésì kí ọ̀sán Ọjọ́rú tó pé. A ó dá owó ẹrù yín padà. Èmi fúnra mi ni n ó pè yín lónìí. Mánẹ́jà, Utako.”

Kí a tó gbé e síta, mo bi mánẹ́jà bóyá yóò pè é lónìí lóòótọ́. Ó ní ó ń lọ sí Kubwa lọ́sàn-án. Mo ní kó pè é kó tó jáde, tàbí kí a yọ “lónìí” kúrò. Ó pè é.

Mo tún ní kí àbúrò mi ka èsì méjèèjì fún ìyá olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ gáréèjì, tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó gbọ́ ti àkọ́kọ́, ó ní: “Kí ló dé tí wọ́n ń bá a jà?” Nígbà tó gbọ́ ìkejì, ó bi í pé: “Ṣé wọ́n ti wá rí gèlè ọ̀hún?”

Wọn ò rí i. Lọ́jọ́rú, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ èsì yẹn kan náà pé àwọn wá a tì, àwọn yóò san owó rẹ̀. Ìyá náà kò yin ẹnikẹ́ni. Ó kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ síbẹ̀ ni, àbúrò mi sì sáré bò ó mọ́lẹ̀, ó ní kó fi í ránṣẹ́ sí àwọn ní ìkọ̀kọ̀.